Ẹṣin Mélòó Ni Yóò Gbé Lọ́rì Gun Òkè?

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin awakọ̀. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́. Ìbéèrè tí ẹ tìtorí rẹ̀ pè mí wá síbí kò ju ẹyọ kan lọ: báwo ni ẹ́ńjìnnì ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó kí lọ́rì tó lè gun òkè ní eré kan náà láti ìsàlẹ̀ dé orí, tí eré náà kò ní máa rẹ̀ sílẹ̀? Etí ni ọ̀pọ̀ wa fi ń dáhùn ìbéèrè yìí. A ó tẹ́tí sí bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ké, a ó ní èyí lágbára, tọ̀hún ti rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kan wà tí ènìyàn lè fi bíírò ṣírò sí ẹ̀yìn ìwé ẹrù, kó tó tan ọkọ̀ rárá. Òun ni mo fẹ́ kí a jọ ṣe.

Ọkọ̀ tí mo fẹ́ fi ṣe é ni Bẹ́ńsì 911, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ ojú rẹ̀ nínú wa, àwọn àgbà tó jókòó níwájú yìí sì ti fi kó kòkó, pákó àti iṣu fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, torí pé àwọn ará Jámánì tó ṣe é kò kàn kọ nọ́ńbà yẹn fún ẹwà. Ohun méjì ni wọ́n fi ń sọ. Èyí tó ṣáájú ni ìwúwo ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ lápapọ̀, ní tọ́ọ̀nù. Méjì tó gbẹ̀yìn, bí ẹ bá fi òdo kan kún un, ni agbára ẹ́ńjìnnì, ní iye ẹṣin. Nítorí náà, 911 túmọ̀ sí tọ́ọ̀nù 9 àti ẹṣin 110. Bí ẹ bá rí 1418, tọ́ọ̀nù 14 ni, ẹṣin 180. Àwọn Akitírọ́ọ̀sì tó ń fa tírélà lónìí, tí wọ́n kọ 1844 sí lára, ẹṣin 440 ló wà nínú wọn, tọ́ọ̀nù 18 sì ni ti orí ọkọ̀ nìkan, láìka ohun tó ń fà. Wọ́n máa ń gé nọ́ńbà yìí kó lè rọrùn láti kọ, nítorí náà kì í ṣe pé ó péye dé orí ẹṣin kan, ṣùgbọ́n ó tó fún iṣẹ́ wa.

Ẹ kíyè sí i pé tọ́ọ̀nù 9 yẹn kì í ṣe ẹrù nìkan o. Irin ọkọ̀ wà nínú rẹ̀, bọ́dì onípákó tí a kàn sí i wà nínú rẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì, awakọ̀ àti mọ́tò bọ́ì náà wà nínú rẹ̀. Ohun tó kù lẹ́yìn gbogbo wọn ni ẹrù. Mo rí i tí àwọn kan ti ń mi orí. A ó padà síbẹ̀.

Kí wá ni ẹṣin kan? Jéèmsì Wáàtì, ará Síkọ́tílándì, ló fi ẹṣin díwọ̀n agbára ẹ́ńjìnnì olóoru ní nǹkan bí ọdún 240 sẹ́yìn, nítorí àwọn tó fẹ́ ta ẹ́ńjìnnì fún ń lo ẹṣin, wọ́n sì fẹ́ mọ iye ẹṣin tí ẹ́ńjìnnì yóò gbà níṣẹ́. Èyí tí àwọn ará Jámánì ń lò yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Wáàtì, òun náà ló sì rọrùn jù fún wa: ẹṣin kan ni agbára tó lè gbé ẹrù kílò 75 sókè ní mítà kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá gbé kílò 150 sókè mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹṣin méjì nìyẹn. Bí ẹ bá gbé kílò 75 kan náà ṣùgbọ́n tí ó gbà yín ní ìṣẹ́jú àáyá méjì, ìdajì ẹṣin ni. Ìwúwo, gíga àti àkókò: mẹ́ta yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ òkè. Ẹ gbàgbé pé ọkọ̀ ń lọ síwájú. Ohun tó ń jẹ ẹ́ńjìnnì lórí òkè ni pé ọkọ̀ ń lọ sókè.

Ó yẹ ká mọ bí òkè ṣe ga tó. Tí mo bá ní òkè kan jẹ́ 8 nínú 100, ohun tí mo ń wí ni pé fún mítà 100 tí ọkọ̀ bá rìn, ó ti fi mítà 8 ga ju ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti wakọ̀ láti Iléṣà lọ sí Èfọ̀n Aláayè mọ̀ pé ọ̀nà kan náà lè rọra ga níhìn-ín, kó sì ga gan-an lọ́hùn-ún, nítorí náà kí olúkúlùkù wọn òkè tirẹ̀. Kò gba owó. Ẹ mú pákó tó tọ́, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà kan, àti irinṣẹ́ olómi tí àwọn bíríkìlà fi ń wò ó bóyá ògiri dọ́gba. Ẹ fi etí pákó kan lé ojú títì ní apá òkè, ẹ gbé etí kejì tó wà ní apá ìsàlẹ̀ sókè títí omi inú irinṣẹ́ yóò fi dúró sí àárín. Ẹ wá wọn àlàfo tó wà láàárín etí pákó yẹn àti ojú ọ̀dà. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8, òkè yín jẹ́ 8 nínú 100. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ibi mẹ́rin tàbí márùn-ún, torí ojú títì wa kì í tẹ́jú. Kí ẹ sì ní ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gun un. Lọ́rì wa gbé ìwúwo tí wọ́n ṣe é fún gan-an, kílò 9,000. Òkè náà jẹ́ 8 nínú 100. Awakọ̀ fẹ́ máa sá kìlómítà 30 ní wákàtí, kí eré náà má yẹ̀. Kìlómítà 30 ní wákàtí túmọ̀ sí pé ọkọ̀ ń rìn mítà 8.33 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Nínú mítà 8.33 yẹn, ó ti ròkè ní ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta mítà kan. Ẹ wá mú 9,000 lọ́nà ìdá méjì nínú mẹ́ta: ó di 6,000. Ẹ fi 75 pín in. Ẹṣin 80.

Ẹṣin 80 yẹn kò sí fún ohun mìíràn bí kò ṣe láti gbé ìwúwo sókè. Kò sí ọgbọ́n awakọ̀, kò sí ọ́ìlì olówó iyebíye, kò sí oògùn tí a rọ sínú táǹkì tó lè dín in kù, àfi kí ẹrù dínkù tàbí kí eré dínkù.

Àwọn méjì mìíràn wà tó ń jẹ nínú agbára náà. Àkọ́kọ́ ni táyà. Táyà tó ń yí lábẹ́ ẹrù máa ń tẹ̀, ó sì tún ń nà padà, ó ń gbóná bó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, agbára ẹ́ńjìnnì ló sì ń mú un gbóná. Lórí ọ̀dà tó dára, tí afẹ́fẹ́ táyà pé, ohun tó ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn nítorí èyí tó nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀. Fún lọ́rì wa, kílò 90 ni, bí ìgbà tí ènìyàn so okùn mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó sì ń fi kílò 90 fà á. Kílò 90 lọ́nà mítà 8.33 ní ìṣẹ́jú àáyá, tí a fi 75 pín, jẹ́ ẹṣin 10. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yìí àti ọ̀rọ̀ òkè jọra: ìdá 1 nínú 100 ni táyà ń gbà, ìdá 8 ni òkè ń gbà. Lójú ẹ́ńjìnnì, ó dà bíi pé òkè 9 nínú 100 ló ń gùn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà fi burú tó bẹ́ẹ̀. Lórí ilẹ̀ rírọ̀, táyà lè gba ìdá 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dípò ìdá 1, òkè 8 náà á sì di 13 fún ẹ́ńjìnnì, láìjẹ́ pé ilẹ̀ ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ tó dínkù nínú táyà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tirẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni atẹ́gùn. Iwájú 911 fẹ̀, kò sì yọ̀ bọ̀rọ́ láti la atẹ́gùn kọjá, ṣùgbọ́n ní kìlómítà 30, gbogbo ohun tí atẹ́gùn fi ń ta á padà kò ju kílò 23 lọ. Ẹṣin méjì àbọ̀ ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń yọ pákó ìkọ̀wé tó wà lórí ọkọ̀ kúrò nítorí òkè. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa lápálápá. Lórí títì tó tẹ́jú, ní kìlómítà 90, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá: bí eré bá di ìlọ́po mẹ́ta, ẹṣin tí atẹ́gùn ń gbà á di ìlọ́po 27, ẹṣin méjì àbọ̀ yẹn á di bíi 68. Lórí òkè, ẹ fi atẹ́gùn sílẹ̀.

Ọgọ́rin, mẹ́wàá, àti méjì àbọ̀: ẹṣin 92 àbọ̀ ló gbọ́dọ̀ dé orí táyà. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kì í ṣe táyà. Kí agbára tó débẹ̀, ó ní láti gba inú gíábọ́ọ̀sì kọjá, gba pùrọ̀pẹ́là, kó tún gba àpótí gíà ńlá tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn. Gbogbo eyín gíà tó ń họ ara wọn àti ọ́ìlì tí wọ́n ń pò ló ń gba owó ibodè. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, ẹ jẹ́ ká ní ìdá 85 nínú 100 ló ń dé táyà. Nígbà náà, ohun tó gbọ́dọ̀ jáde lára ẹ́ńjìnnì ni 92.5 tí a fi 0.85 pín. Ó jẹ́ ẹṣin 109.

Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára ọkọ̀: 110. Mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo yan òkè àti eré tó bá a mu, kì í ṣe idán. Ṣùgbọ́n ó sọ ohun kan fún wa tí ó dájú: 911 tí ara rẹ̀ le, tí kò gbé ju ìwúwo tí a kọ sí i lára lọ, kò lè fi ju kìlómítà 30 gun òkè 8 nínú 100 ní eré kan náà. Awakọ̀ tó bá ní òun ń fi 50 gun un, yálà òkè rẹ̀ kò tó 8, tàbí ó ń ka eré tó gbà wá láti ìsàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ díẹ̀ nípa eré àgbàwá yẹn, torí gbogbo wa la ń ṣe é. Bí ọkọ̀ bá dé ìsàlẹ̀ òkè pẹ̀lú 60, tó sì ń rẹ̀ bọ̀ sí 30, eré tó sọ nù yẹn ń gbé e sókè ní mítà 10 àti ààbọ̀. Ìwúwo kò sí nínú ìṣirò yìí. Bákan náà ni fún mọ́tò kékeré àti tírélà. Lórí òkè wa, mítà 10 àti ààbọ̀ gíga jẹ́ nǹkan bí mítà 130 títì. Ẹ́ńjìnnì á fi tirẹ̀ kún un, ọ̀nà náà á gùn díẹ̀ sí i. Bí òkè bá kúrú, eré àgbàwá lè gbé yín dé òdìkejì. Bí ó bá jẹ́ òkè tó gùn tó kìlómítà mẹ́ta, tó ga ní mítà 240, ẹ ó jẹ eré náà tán kí ẹ tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, iye ẹṣin nìkan ló kù.

Wàyí o, ẹrù àpọ̀jù. Ẹ má bínú, gbogbo wa la mọ̀ pé 911 tó ń gbé tọ́ọ̀nù 9 lápapọ̀ ṣọ̀wọ́n lójú pópó. Ẹ jẹ́ ká fi í sí tọ́ọ̀nù 15. Òkè ń fà á sẹ́yìn pẹ̀lú kílò 1,200, táyà pẹ̀lú kílò 150, atẹ́gùn kò tó nǹkan. Ẹ́ńjìnnì kò yí padà: nínú ẹṣin 110 rẹ̀, 93 àbọ̀ ló ń dé táyà. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò náà láti ẹ̀yìn, eré tó lè bá ìwúwo yẹn sá jẹ́ kìlómítà 18 àti ààbọ̀ ní wákàtí. Ní ti agbára lásán, ẹrù àpọ̀jù kò dá ọkọ̀ dúró, ó kàn ń gba eré lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ní ọkọ̀ á ní kò burú, kó máa rọra lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yí padà ni gíà.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a ti farabalẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni lọ́rì ti ń kú lórí òkè. Ẹṣin 110 kì í ṣe ohun tí ẹ́ńjìnnì ní nígbà gbogbo. Ìgbà tó bá ń yí ní ìgbà 2,800 láàárín ìṣẹ́jú kan ló ní i. Ohun tí ẹ́ńjìnnì ní lọ́wọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni agbára ìlọ́. Ẹ fojú inú wo irin kan tó gùn ní mítà kan tí a dè mọ́ ẹnu ẹ́ńjìnnì, tí a so ẹrù mọ́ orí rẹ̀: ẹ́ńjìnnì irú èyí lè gbé nǹkan bíi kílò 30 dúró lórí irin yẹn. Kílò 30 yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, bóyá ẹ́ńjìnnì ń yára tàbí ó ń lọ́ra. Tó bá tilẹ̀ yára dé òpin, á dínkù díẹ̀ sí 28. Ṣùgbọ́n iye ẹṣin ni agbára ìlọ́ lọ́nà iye ìgbà tó ń yí. Bí awakọ̀ bá jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀ dé 1,400 lórí òkè, ẹṣin 110 ti di 59. Ó ti da ìdajì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nù láìsí ẹni tó jí i.

Gíà ló ń sọ kílò 30 yẹn di ohun tó lè ti lọ́rì. Ẹ jẹ́ ká fi àwọn nọ́ńbà yìí ṣe àpẹẹrẹ. Ti ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé rẹ̀. Ní gíà kẹta, ẹ́ńjìnnì yí nígbà 13 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ní gíà kejì, ìgbà 24. Ní gíà kìíní, ìgbà 45. Láti àárín táyà dé ilẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 48. Ní gíà kẹta, kílò 30 ẹ́ńjìnnì á di nǹkan bíi kílò 690 tí táyà fi ń ti ọkọ̀ síwájú. Lọ́rì wa tó wúwo ní tọ́ọ̀nù 9 ń béèrè 720 fún òkè, 90 fún táyà, 23 fún atẹ́gùn, gbogbo rẹ̀ 833. Kò tó. Ọkọ̀ yóò máa rẹ̀ ni, bó ti wù kí ẹsẹ̀ awakọ̀ tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ tó. Ní gíà kejì, kílò 1,275 ló ń jáde. Ó tó, ó ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ní gíà kejì, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní 2,800, eré ọkọ̀ kò ju 21 lọ.

Ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀? Ìṣirò ẹṣin ní ọkọ̀ yìí lè fi 30 gùn ún. Gíà tí ìbá fún un ní 30, èyí tí ẹ́ńjìnnì á ti yí nígbà 17 sí ẹ̀ẹ̀kan táyà, kò sí nínú gíábọ́ọ̀sì. Kẹta ga jù, kejì kéré jù, 21 ló sì máa fi gòkè, tí ẹṣin bíi 35 á wà nílé tí kò ní rí iṣẹ́ ṣe. Ìdí nìyẹn tí àwọn tírélà òde òní fi ní gíà 12 tàbí 16. Kì í ṣe pé gíà púpọ̀ ń fi agbára kún ẹ́ńjìnnì. Ó ń dín àlàfo kù kí agbára tó wà má bàa ṣòfò.

Ẹ mú tọ́ọ̀nù 15 wá síbí. Ó ń béèrè kílò 1,350 lọ́wọ́ táyà. Gíà kejì ní 1,275. Ó ku díẹ̀ kó tó, ohun tó sì burú nínú rẹ̀ nìyẹn, nítorí ọkọ̀ kò ní kú lójú ẹsẹ̀. Á máa rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, awakọ̀ á máa rò pé ó fẹ́ gùn ún, èéfín dúdú á máa tú, ẹ́ńjìnnì á sì wá kú sáàárín òkè. Èéfín dúdú yẹn kì í ṣe àmì agbára. Dísẹ́ẹ̀lì tí kò rí afẹ́fẹ́ tó láti jóná ni. Nígbà náà ni mọ́tò bọ́ì á fò sílẹ̀ pẹ̀lú wẹ́jì láti fi há táyà ẹ̀yìn. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni kí ó ti wọ gíà kìíní láti ìsàlẹ̀, níbi tó ti ní kílò 2,390, kó sì fara mọ́ kìlómítà 11 ní wákàtí. Wíwọ gíà kìíní láàárín òkè, pẹ̀lú ẹrù yẹn, nínú gíábọ́ọ̀sì àtijọ́, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ìdánilójú. Bí ìṣẹ́jú àáyá méjì bá kọjá kí gíà tó wọlé, ọkọ̀ ti dúró. Láti tún gbéra níbẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì ni yóò san owó rẹ̀.

Ẹnìkan níbí béèrè lọ́wọ́ mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ pé kí ló dé tí omi fi ń hó lórí òkè tí kì í hó lójú títì. Nínú dísẹ́ẹ̀lì tí ẹ́ńjìnnì ń jó, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń di iṣẹ́. Ìyókù ooru ni, apá kan ń bá èéfín lọ, apá kan ń wọ inú omi. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń tú ẹṣin 110 síta, ooru tó tó ẹṣin 80 sí 90 ló ń wọ inú omi náà, rédíétọ̀ sì gbọ́dọ̀ lé e jáde. Lórí títì tẹ́jú, eré ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn sí rédíétọ̀. Lórí òkè, ní 20 tàbí 11, fáànù nìkan ló kù, ìyára fáànù sì wà lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì. Awakọ̀ tó bá jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa kérora ní 1,400 ti mú fáànù lọ́ra, ó sì ti mú omi tí pọ́ǹpù ń yí káàkiri lọ́ra, ní ìgbà tí dísẹ́ẹ̀lì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ wọ gíà sílẹ̀ kí ó tó kérora. Ní ti dísẹ́ẹ̀lì tí òkè ń jẹ, bí lọ́rì wa bá ń lo gbogbo agbára rẹ̀, lítà 23 ni ní wákàtí kan. Kìlómítà mẹ́ta òkè ní eré 30 jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́fà, lítà méjì àti díẹ̀.

Ọ̀kan lára àwọn ọ̀dọ́ ní ẹ̀yìn sọ pé tírélà òde òní kò mọ̀ pé òkè wà. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Akitírọ́ọ̀sì 1844 tó ń fa tọ́ọ̀nù 40 lápapọ̀ ní ẹṣin 11 fún tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. 911 wa tó gbé tọ́ọ̀nù 9 ní 12. Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú gíábọ́ọ̀sì tó dára jù àti táyà tó le jù, tírélà náà á gun òkè 8 nínú 100 ní nǹkan bí 30. Eré kan náà! Iye ẹṣin tó wà lẹ́yìn tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ló ń sọ eré, kì í ṣe bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi. Ẹ̀yin tó ń ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ láti fi pààrọ̀, iye tọ́ọ̀nù tí ẹ máa gbé ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ara yín.

Ohun tó kù ni bí ẹ ṣe lè fi òkè dá ẹ́ńjìnnì tiyín mọ̀. Ẹ lọ wọn ọkọ̀ yín lórí ìwọ̀n ńlá tí wọ́n fi ń wọn lọ́rì, kí ẹ mọ ìwúwo rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù. Ẹ wá òkè tó ga bákan náà fún mítà 300 ó kéré tán, ẹ fi pákó wọ̀n ọ́n. Ẹ sàmì sí ibi méjì lórí rẹ̀, kí mítà 100 wà láàárín wọn, kí àmì àkọ́kọ́ sì jìnnà sí ìsàlẹ̀, kí eré àgbàwá ti tán kí ẹ tó débẹ̀. Ẹ tẹ tọ́tù dé ìsàlẹ̀, kí ẹnì kejì fi aago fóònù wo ìṣẹ́jú àáyá láti àmì dé àmì. Bí eré bá ṣì ń yí padà láàárín àmì méjèèjì, ẹ tún un ṣe.

Ká ní 911 oní-tọ́ọ̀nù 9 wà ní gíà kejì lórí òkè 8 wa, mítà 100 náà sì gbà á ní ìṣẹ́jú àáyá 24. Kìlómítà 15 ní wákàtí ni, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń yí ní nǹkan bí 2,000. Òkè àti táyà jẹ́ kílò 810, atẹ́gùn kílò 6. Lọ́nà mítà 4.17 ní ìṣẹ́jú àáyá, tí a fi 75 pín, ẹṣin 45 ló dé táyà. Ó jẹ́ 53 lẹ́nu ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó ń fún ni ní kílò 30 lórí irin mítà kan yẹ kó ní ẹṣin 84 ní 2,000. Ẹṣin 31 ti sọ nù, àìsàn sì wà nínú ẹ́ńjìnnì náà.

Ibi tí a ó ti kọ́kọ́ wò ni ibi tí kò gba owó. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹnìkan tẹ tọ́tù dé ìsàlẹ̀, kí ẹlòmíràn wo apá tó wà lára pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì, bóyá ó dé òpin rẹ̀ ní tòótọ́. Ìgbà púpọ̀ ni okùn tàbí ọ̀pá tó so wọ́n pọ̀ ti jẹ, tí tọ́tù dé ilẹ̀ ṣùgbọ́n tí pọ́ǹpù kò mọ̀. Bí ìyẹn bá dára, ẹ wo àwọ̀ èéfín nígbà tí ọkọ̀ ń gùn. Bí agbára kò bá sí, tí èéfín sì dúdú, afẹ́fẹ́ ni kò tó, ẹ yọ fílítà afẹ́fẹ́ wò, tàbí kí nọ́sù máa da dísẹ́ẹ̀lì dípò kó máa fọ́n ọn. Bí agbára kò bá sí, tí èéfín náà kò sì sí, dísẹ́ẹ̀lì ni kò dé: fílítà dísẹ́ẹ̀lì ti dí, tàbí afẹ́fẹ́ ń wọlé láti ibi tí páìpù ti sán láàárín táǹkì àti pọ́ǹpù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké ní 2,800 tí eré ọkọ̀ sì jẹ́ 15 ní gíà kejì, ẹ́ńjìnnì kọ́ ni. Ìgbà 2,800 ní gíà kejì gbọ́dọ̀ jẹ́ 21. Kílọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀, ẹ ó sì máa gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ẹ tó dé àmì kejì.